Ta ni «a»? Bí a ṣe ń tú ímeèlì oníbàárà tó díjú

Ìyá kan ní Mọ́níyà ń ta omi tútù àti mínírà. Fíríìsà tó fi ń ṣòwò kò tutù mọ́. Ó kọ ímeèlì sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ní Rìǹgì Róòdù, ohun mẹ́ta ló sì béèrè: ṣé wọ́n máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà wo ni wọ́n máa wá, àti kí ni kí òun ṣe kí wọ́n tó dé. Èsì tí ṣọ́ọ̀bù fún un rèé:

«Ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn tí ó wà láàárín ilé-iṣẹ́ wa àti oníbàárà tí ó ra ẹ̀rọ amúǹkantutù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rìsíìtì, a fẹ́ fi tó yín létí pé àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yóò jẹ́ ṣíṣe láàárín oṣù méjìlá sí ọjọ́ tí a gbà á, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti fi àléébù náà tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ méje tí a ṣàkíyèsí rẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé àléébù tí a sọ lókè yìí wáyé nípasẹ̀ ìyípadà agbára iná mànàmáná láìlo ẹ̀rọ adáàbòbò, tàbí tí ẹ̀rọ náà bá ti jẹ́ títú láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe aṣojú ilé-iṣẹ́, nínú èyí tí oníbàárà yóò ru gbogbo ìnáwó tí ó bá jẹ yọ, èyí tí a ó dá padà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.»

Àpẹẹrẹ la fi ṣe, kì í ṣe lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù kan pàtó. Ẹni tó bá sì ti ra nǹkan olówó gọbọi nílùú Ìbàdàn rí, tó wá lọ bèèrè wáráńtì, á mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínláàádóje ló wà nínú rẹ̀. Kò dáhùn èyíkéyìí nínú ìbéèrè mẹ́ta tí ìyá béèrè. Ohun tó burú jù ni pé ìkìlọ̀ tó yẹ kí ìyá kọ́kọ́ rí, ìyẹn ni pé kí ó má gbé fíríìsà náà fún onífíríìjì àdúgbò, wà ní àárín gbùngbùn, lẹ́yìn «àyàfi» àti «tàbí», ó sì tún fi «jẹ́ títú láti ọwọ́» bojú. Ẹni tí omi rẹ̀ ń gbóná lọ kò ní kà á dé ibẹ̀. Onífíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa pè, wáráńtì rẹ̀ á sì bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe sí irú lẹ́tà yìí ni pé kí wọ́n pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Wọ́n á fi «fíríìsà» sí ibi tí «ẹ̀rọ amúǹkantutù» wà, wọ́n á yí «àléébù» sí «ohun tó ṣe é», wọ́n á fi «sitebiláísà» rọ́pò «ẹ̀rọ adáàbòbò». Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ó tiẹ̀ yẹ kí a ṣe é, nítorí kò sí ẹni tó wọ ọjà tó ní òun ń wá ẹ̀rọ adáàbòbò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹ tún gbólóhùn náà kà, ẹ máa rí i pé ó ṣì díjú bó ṣe díjú tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle kọ́ ló so ó. Ohun tó so ó ni pé a kò mọ ẹni tó ń ṣe kí ni, a kò sì mọ èyí tó rọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ wo «a» tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe nǹkan. «A fẹ́ fi tó yín létí»: ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. «A sọ lókè yìí»: ṣọ́ọ̀bù náà ni. «A ó dá padà»: ṣọ́ọ̀bù ni. Ṣùgbọ́n «a bá ti fi àléébù náà tó ilé-iṣẹ́ létí» kò lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, nítorí ṣọ́ọ̀bù kò ní lọ fi nǹkan tó ara rẹ̀ létí. Oníbàárà nìyẹn. «A ṣàkíyèsí rẹ̀»: oníbàárà. Ó wá ku «ọjọ́ tí a gbà á». Ta ló gba kí ni? Ṣé ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù gba owó ni, àbí ọjọ́ tí ìyá gba fíríìsà? Bí ó bá sanwó lónìí, tí wọ́n gbé e wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín àtúnṣe ọ̀fẹ́ àti àtúnṣe olówó.

Yorùbá gbà wá láàyè láti lo «a» fún ẹnikẹ́ni. «A kì í» tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ èèwọ̀ kò tọ́ka sí ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló bá wí. Nínú lẹ́tà tó kan owó, àyè yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí «a» jẹ́ ṣọ́ọ̀bù níbi gbogbo, kí «ẹ» sì jẹ́ oníbàárà níbi gbogbo. Kí «oníbàárà» kúrò nínú lẹ́tà pátápátá: ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni, a kò lè máa pè é bí ẹni tí kò sí níjókòó. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé «ẹ» á dà bíi pé à ń pàṣẹ fún àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. «Ẹ» ti gbé ọ̀wọ̀ wá fúnra rẹ̀, «ẹ jọ̀ọ́» àti «Mà» wà níbẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ àrífín ni kí a bá ìyá sọ̀rọ̀ nípa «oníbàárà» kan tí kò mọ̀ pé òun ni.

Lẹ́yìn «a», «tí» ló kàn. Méjìlá ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà ìkọ̀wé tó rọrùn lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní kí gbólóhùn máa wà láàárín ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Òdiwọ̀n yẹn kò bá Yorùbá mu dáadáa, nítorí à ń kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: «kì í ṣe» nìkan ti gba àyè mẹ́ta. Gbólóhùn Yorùbá lè ní ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó sì yéni kedere, òmíràn lè ní méjìdínlógún kó lọ́ bí okùn. Òṣùwọ̀n tó dáa jù ni kí a ka «tí». Bí «tí» kan bá wà, kò sí wàhálà. Bí ó bá di méjì, kí a tún un kà sókè. Bí ó bá di mẹ́ta, ó ti tó láti gé. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó máa ń já sí òótọ́.

Ìdí tí «tí» fi ń dani láàmú ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó ń ṣàlàyé ohun tó ṣáájú rẹ̀ («oníbàárà tí ó ra»), ó tún ń ṣe iṣẹ́ «bí» («tí ẹ̀rọ náà bá ti jẹ́ títú»). Bí méjèèjì bá wà nínú gbólóhùn kan, òǹkàwé á máa dúró ní gbogbo «tí» láti mọ èyí tó jẹ́. Èyí tó tún wá burú ni «èyí tí». Ní ìparí gbólóhùn yẹn, «èyí tí a ó dá padà» tẹ̀lé «ìnáwó», àmọ́ fíríìsà náà jẹ́ ohun tí wọ́n lè dá padà. Ìyá lè rò pé wọ́n máa gba fíríìsà lọ, wọ́n á sì dá a padà. Ìwòsàn «èyí tí» kò le: kí a fi àmì ìdánudúró sí iwájú rẹ̀, kí a sì dárúkọ ohun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tí ó ń bínú pé a pe fíríìsà ní fíríìsà lẹ́ẹ̀mẹta.

Nísinsìnyí, kí a tú u. Kí a pa gbólóhùn náà tì, kí a sì kọ gbogbo ìṣe tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé, ìṣe kan ní ìlà kan, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe é. Ibi tí a kò bá ti mọ ẹni náà tàbí ohun náà, kí a kọ «ta ni» tàbí «kí ni», kí a má ṣe méfò:

Ìyá ra fíríìsà.
Ta ni gbà á, kí ni ó gbà?
Ìyá rí i pé kò ṣiṣẹ́.
Ìyá sọ fún ṣọ́ọ̀bù.
Ta ni tún un ṣe?
Iná ba fíríìsà jẹ́.
Ìyá kò lo sitebiláísà.
Ẹlòmíràn tú u.
Ìyá sanwó.
Ta ni yẹ̀ ẹ́ wò?
Ṣọ́ọ̀bù dá kí ni padà?

Ìlà mọ́kànlá ni, ìbéèrè sì wà ní mẹ́rin nínú wọn. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà kò lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn látinú orí ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ bá ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu. Gbólóhùn gígùn ló bá a bo àìpinnu yẹn mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ni wọ́n ń dárúkọ.

Ká ní ọ̀gá dáhùn báyìí. Oṣù méjìlá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí fíríìsà dé ọwọ́ oníbàárà. Òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń tún un ṣe, òun náà ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tí fíríìsà wà. Ní ti «a ó dá padà», ọ̀gá ronú títí, ó ní àwọn kì í gba owó kankan kí àyẹ̀wò tó parí, nítorí náà kò sí owó tí àwọn lè dá padà. Ìwé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti da gbólóhùn yẹn kọ. Ó yẹ kó kúrò. Àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ: ìlà tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn, tí kò bá ìṣe ṣọ́ọ̀bù mu, tó sì jẹ́ pé bí oníbàárà bá gbé e dé iwájú adájọ́, ṣọ́ọ̀bù ló máa dáhùn fún un.

Ìbéèrè karùn-ún wà tí kò sí nínú ìlà kankan. Bí òṣìṣẹ́ bá dé Mọ́níyà, tó ní fíríìsà gbọ́dọ̀ dé ilé iṣẹ́ ní Rìǹgì Róòdù, ta ló máa san owó ọkọ̀? Láti ìkángun ìlú kan sí èkejì ni, fíríìsà kò sì ṣeé gbé lórí ọ̀kadà. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínláàádóje kò sọ ọ́. «Gbogbo ìnáwó tí ó bá jẹ yọ» nìkan ló wà níbẹ̀, ìgbà tí oníbàárà bá jẹ̀bi ni ìyẹn sì wà fún. Ká ní ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù ló máa san án bí wáráńtì bá ṣì wà. Ó yẹ kí ìyẹn wọ inú lẹ́tà, nítorí òun ni ìyá máa béèrè tẹ̀ lé e.

Kí a tó kọ ọ́, ó yẹ ká yọ ohun tí kò kan ìyá yìí. Ọjọ́ méje tó gbọ́dọ̀ fi sọ fún ṣọ́ọ̀bù kò kàn án mọ́, ó ti sọ. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà máa ń bẹ̀rù láti yọ ohunkóhun, wọ́n ní bí àwọn kò bá kọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn lè sọnù. Gbogbo òfin wáráńtì náà wà nínú ìwé tí ó wá pẹ̀lú fíríìsà. A lè so ó mọ́ ímeèlì náà, kí a sì sọ pé ó wà níbẹ̀. Èsì lẹ́tà kì í ṣe ibi tí à ń tún ìwé wáráńtì kọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ yọ ni èyíkéyìí tó lè ná ìyá lówó bí kò bá mọ̀ ọ́n. Méjì ni: pé kí ẹlòmíràn má tú u, àti ọ̀rọ̀ iná pẹ̀lú sitebiláísà.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn gba ìṣọ́ra. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ìṣòro iná «láìlo ẹ̀rọ adáàbòbò» ló ń mú wáráńtì kúrò. Ohun méjì ni, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀: iná ló bà á jẹ́, kò sì sí sitebiláísà. Bí ẹni tó ń tú gbólóhùn bá kọ ọ́ pé «bí iná bá bà á jẹ́, tàbí bí ẹ kò bá lo sitebiláísà», ó ti sọ òfin náà di èyí tó le ju bó ṣe wà lọ. Ìyá tó ní sitebiláísà, tí iná sì ba fíríìsà rẹ̀ jẹ́ náà, á ṣubú sínú rẹ̀. Ibi tí lẹ́tà tó rọrùn ti máa ń di irọ́ nìyí: «àti» di «tàbí», «lè» di «máa», «gbọ́dọ̀» di «ó dáa kí ẹ». Nítorí náà, bí a bá kọ ọ́ tán, kí a gbé àwọn ìlà mọ́kànlá yẹn padà síwájú, kí a fi wé lẹ́tà tuntun ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ètò, ìdáhùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn ìkíni. Ìkíni kò ṣeé yọ lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò kíni tó ń sọ ọ̀rọ̀ wáráńtì ti bí ẹni tó ń kà á nínú. Àmọ́ ìlà kan tó. Lẹ́yìn ìdáhùn, kí a sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí ìyá máa ṣe kó tó ṣẹlẹ̀. «Bí» gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tó ń bí, kí ó sì jẹ́ «bí» kan fún gbólóhùn kan. «Àyàfi» máa ń kọ́kọ́ mú inú òǹkàwé dùn, á wá já a kulẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá lè yí i sí «bí», kí a yí i. Ó di báyìí:

«Fíríìsà yín: òṣìṣẹ́ wa ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀

Ẹ kú ọjà o, Mà. A ti rí lẹ́tà yín, ẹ pẹ̀lẹ́ fún wàhálà yìí.

Wáráńtì fíríìsà yín ṣì wà, a máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín ni 17 Oṣù Kẹta 2025, nítorí náà wáráńtì náà máa parí ní alẹ́ 16 Oṣù Kẹta 2026.

Òṣìṣẹ́ wa máa wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejì 2026, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Ó máa pè yín kó tó gbéra.

Kó tó dé, ẹ yọ fíríìsà kúrò lára iná, kí rìsíìtì yín sì wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí onífíríìjì mìíràn tó máa tú u. Bí ẹlòmíràn bá tú u, a kò ní lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.

Bí ó bá gba pé kí a gbé e wá sí Rìǹgì Róòdù, àwa la máa san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ohun kan wà tó lè mú kí ẹ sanwó. Bí òṣìṣẹ́ wa bá rí i pé iná ló ba fíríìsà náà jẹ́, tí kò sì sí sitebiláísà lára rẹ̀, wáráńtì kò bo ìyẹn. Ó máa sọ iye owó fún yín kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Bí ẹ kò bá fẹ́, kò ní ṣe é, ẹ kò sì ní san nǹkan kan.»

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kíkúrú ni rírọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ọkọ̀ àti aago kúrò, ìyá á sì tún ní láti kọ lẹ́tà mìíràn.

Ẹ tún wo bí ọjọ́ ṣe wà níbẹ̀: a kò kọ «láàárín ọjọ́ mẹ́ta». Kíka ọjọ́ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nítorí pé ìṣirò méjì ló wà lórí rẹ̀. Nínú ìṣirò àtijọ́, ọjọ́ tí a dúró sí jẹ́ ọ̀kan. Ìjẹta ni ọjọ́ tó ṣáájú àná, nítorí pé à ń ka òní, àná àti òun fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àti báǹkì kì í ka ọjọ́ òní. Ká ní ìyá rí i pé fíríìsà kò tutù ní Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejì 2026, tó sì ní ọjọ́ méje láti sọ. Nínú ìṣirò tìrẹ, ó parí ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù. Nínú ìṣirò kejì, ó di Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì. Nínú èsì sí ẹnì kan, ọjọ́ àti oṣù ni kí a kọ. Nínú ìwé wáráńtì tó wà fún gbogbo èèyàn, a kò lè mọ ọjọ́, nítorí náà kí a fi àpẹẹrẹ sí i: «Bí ẹ bá rí i ní Ajé, ẹ ní títí di alẹ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.»

Nǹkan míì wà tó jẹ́ ti tẹ́lífóònù. Ọ̀pọ̀ ń tẹ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, àwọn ojú ìwé ímeèlì kan sì ń sọ lẹ́tà alámì di àmì ìbéèrè. Ẹ tẹ «a o da owo yin pada» láìsí àmì. Ṣé «a ó dá owó yín padà» ni, àbí «a ò dá owó yín padà»? Ìlérí ni ọ̀kan, àìdá owó ni èkejì. Bákan náà ni «e ma tu u»: ó lè jẹ́ «ẹ má tú u», ó sì lè jẹ́ «ẹ máa tú u». Nínú lẹ́tà tí gbogbo wáráńtì rọ̀ mọ́ pé kí wọ́n má tú nǹkan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà ni lẹ́tà tuntun yẹn fi lo «a máa» fún ìlérí àti «a kò ní» fún ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀, tó sì lo «kò gbọdọ̀ sí» dípò «ẹ má». Bí gbogbo àmì bá ṣubú, «a maa» kò lè di «a ko ni» lójú ẹnikẹ́ni. «Kò gbọdọ̀ sí onífíríìjì» tún ní àǹfààní mìíràn: onífíríìjì ló ń kìlọ̀ fún, kì í ṣe ìyá, nítorí náà kò le létí àgbà.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà náà yéni, kí a fún ẹni tí kò sí nínú òwò fíríìjì, kó kà á lẹ́ẹ̀kan lórí tẹ́lífóònù rẹ̀, kí a sì gba tẹ́lífóònù náà. A kò gbọdọ̀ béèrè pé «ṣé ó yé yín?» Ẹni tó mọ̀wà hù á ní ó yé òun, kó má bàa já ẹni tó kọ ọ́ kulẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni: ta ló ń bọ̀, ọjọ́ wo ni, kí ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó dé, ìgbà wo ni owó wọ̀ ọ́? Bí ó bá ṣi ọ̀kan dáhùn, ìlà yẹn ni a óò padà sí. Bí òǹkàwé mẹ́ta bá kùnà níbì kan náà, a jẹ́ pé ìlà yẹn ló lẹ́bi.

Agbẹjọ́rò ṣọ́ọ̀bù lè ní lẹ́tà tó rọrùn tó báyìí kò ní ọ̀wọ̀ òfin. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ìyẹn ti ọdún 2018, kò sí lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ìwé tó kan oníbàárà wà ní èdè tó lè yé ẹni tó kàwé níwọ̀n, láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìtumọ̀ kiri. Ìbéèrè tó dáa láti bi agbẹjọ́rò ni èyí: nínú àwọn ìlà mọ́kànlá wa, èwo ni lẹ́tà tuntun yìí yí padà? Bí ó bá tọ́ka sí ọ̀kan, kí a tún ìlà náà ṣe. Bí kò bá rí ọ̀kan, ohùn ló ń dùn ún, kì í ṣe òfin.

Ó ku lẹ́tà tó ṣòro jù, ìyẹn lẹ́tà «rárá». Ká ní ìyá ti pe onífíríìjì àdúgbò kó tó kọ ímeèlì, tí ọkùnrin náà sì ti tú u, ó ti fi gáàsì sí i. Ibí ni àwọn tó ń kọ lẹ́tà ti máa ń sá padà sínú «ó ṣeni láàánú pé ìbéèrè yín kò jẹ́ gbígbà ní ìbámu pẹ̀lú ìlà tí a sọ lókè». Gbólóhùn yẹn kò sọ ẹni tó kọ̀, kò sọ ìdí. Àwọn mìíràn máa ń fi «a ó wò ó» rọ̀ ọ́ lójú, èyí sì burú jù, nítorí ẹni tó gbọ́ «a ó wò ó» á jókòó tì í, á máa retí, omi rẹ̀ á sì máa gbóná. Ìdí ni kí a kọ́kọ́ sọ, kí rárá tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kí a sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe:

«Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa pé onífíríìjì kan ti fi gáàsì sí i, Mà. Nítorí pé ó ti tú u, a kò ní lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, òṣìṣẹ́ wa ṣì máa wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀, a kò ní gba owó fún wíwò. Ó máa sọ iye tí àtúnṣe máa jẹ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa pinnu. Ẹ fi ‹ẹ máa bọ̀› tàbí ‹ẹ má ṣe ìyọnu› ránṣẹ́ sí wa kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejì.»